Báàgì 20 ni mo tà, kí ló dé tí owó tó wọlé kò pé?

Alábáàgì Àjàṣẹ́ (ọjọ́ 17 Oṣù Bélú)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìṣirò kan ló dàrú mọ́ mi lójú tí mo fi wá. Báàgì ańkárá ni mò ń rán níbí ní Àjàṣẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Ọ̀wàrà ni mo ti ń tà á lórí ọjà íńtánẹ́ẹ̀tì kan, yàtọ̀ sí èyí tí mò ń pàtẹ ní Wàǹdó. Ọjọ́ 15 ọjọ́ 15 ni wọ́n máa ń san owó.

Láti ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ 15 oṣù yìí, báàgì 20 ni mo tà. 12,000 sẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà tún ń san 1,500 fún ìgbélọ, èmi fúnra mi ni mo sì ń kó 1,500 yẹn fún onízẹ́mì. Ìdá 12 nínú 100 ni wọ́n sọ pé àwọn máa gbà. Mo bá ṣírò ó: 240,000, yọ 28,800, ó ku 211,200. Fi 30,000 owó ìgbélọ kún un, ó di 241,200. Àná ni owó wọlé sórí fóònù mi: 166,088. Ó dín ní 75,112!

Mo mọ̀ pé báàgì mẹ́ta padà wá. Ṣùgbọ́n méjì nínú wọn, Oṣù Ọ̀wàrà ni mo ti tà wọ́n, kí ni wọ́n ń wá nínú ìṣirò ti Bélú? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀ọ́ bá mi tú u.

Onízẹ́mì Àjàṣẹ́

Tàǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1,500 wa. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀yin ọlọ́jà bá ń wá owó tó sọnù, ọ̀dọ̀ àwa la máa ń kọ́kọ́ wò. Epo ti gbówó lórí. Ẹ gbé báàgì láti Wàǹdó dé Àjàrá nínú òjò kí ẹ wá sọ fún mi pé 1,500 pọ̀ jù.

Alábáàgì Àjàṣẹ́

Àbúrò, kò sí ẹni tó bá yín jà. Owó yín ti dé ọwọ́ yín. Èmi ń wá tèmi ni.

Ọmọ Aláketu

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ti ṣẹlẹ̀ sí mi ní Kétu níbí. Owó ìdádúró ni. Wọ́n máa ń yọ ìdá 10 nínú 100 lára ohun tó bá kù fún yín lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba tiwọn, wọ́n á fi pamọ́. Ẹ gbàgbé rẹ̀, owó yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹ fi kún iye tí ẹ ń ta báàgì.

Akọ̀wé Ìṣirò

Ẹ má gbàgbé rẹ̀ o. Tàǹtí, kí ẹnikẹ́ni tó máa méfò, ẹ wọ inú áàpù yẹn. Kì í ṣe ojú ewé tí wọ́n ti ń kọ iye tí ẹ tà ní lẹ́tà gàdàgbà ni ẹ máa wò. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ *Relevé* sí, ẹ ṣí ti ọjọ́ 15 Bélú, kí ẹ sì da ohun tó wà níbẹ̀ kọ síbí. Bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni o, ẹ má ṣe pa nǹkan pọ̀. Ẹ bá wa wo àdéhùn náà pẹ̀lú: kí ni wọ́n kọ nípa ọjà tó padà, kí sì ni wọ́n kọ nípa *Réserve*, ìyẹn owó ìdádúró? Ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó ti irú ìwé yìí ní Kútọnu, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó kì í sọnù níbẹ̀, ibi tó wà la kì í mọ̀.

Alábáàgì Àjàṣẹ́

Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Òun rèé:

```
Ventes encaissées       270 000
Commission              -32 400
Frais de paiement        -7 400
Remboursements          -40 500
Commission restituée     +3 888
Réserve retenue         -27 000
Réserve libérée               0
Frais de virement          -500
Montant versé           166 088
```

Àdéhùn náà ní ìdá 12 ni owó alágbàtà lórí gbogbo ohun tí oníbàárà bá san. Owó iṣẹ́ ìgbowó jẹ́ ìdá 2, pẹ̀lú 100 sẹ́fà lórí ìtajà kọ̀ọ̀kan. Bí ọjà bá padà, wọ́n á dá owó alágbàtà wọn padà fún mi, ṣùgbọ́n wọ́n á mú ìdá 20 nínú rẹ̀ fún wàhálà wọn. *Réserve* jẹ́ ìdá 10, ọjọ́ 60 sì ni wọ́n fi ń dì í mú. Mo buwọ́ lù ú, n kò kà á dáadáa, kí ẹ má bá mi wí.

Akọ̀wé Ìṣirò

Kò sí ìbáwí níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń kà á. Ìwé yín pé, mo ti rò ó pọ̀. Ẹ jẹ́ ká wá 75,112 yẹn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó rọrùn jù ni a ó kọ́kọ́ mú. Ẹ̀yin ṣírò ìdá 12 lórí 240,000. Àwọn ṣírò rẹ̀ lórí 270,000, torí “gbogbo ohun tí oníbàárà bá san” kó owó ìgbélọ mọ́ra. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ jẹ́ 3,600. Kì í ṣe ọgbọ́n àrékérekè tiwọn nìkan o. Etsy náà ń gba ìdá 6.5 láti ọdún 2022, orí iye ọjà àti owó ìgbélọ ni wọ́n sì ń gbà á. Ohun tó túmọ̀ sí fún yín ni pé 1,500 tí ẹ ń kó fún onízẹ́mì, 1,320 ló dé ọwọ́ yín nínú rẹ̀, kí a tó tún yọ owó ìgbowó. Ìgbélọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ń fi owó ara yín tì í.

Owó iṣẹ́ ìgbowó, ẹ kò kà á rárá. Ìdá 2 nínú 270,000 jẹ́ 5,400. Ìtajà 20 ní 100-100 jẹ́ 2,000. Ó di 7,400. Owó tí wọ́n fi fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù jẹ́ 500. Ìyẹn ti yanjú.

Ọ̀rọ̀ ọjà tó padà ló gba sùúrù. Ẹ bèèrè ohun tí báàgì Ọ̀wàrà ń wá nínú ìṣirò Bélú. Ọjọ́ tí wọ́n dá owó padà fún oníbàárà ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ọjọ́ tí ẹ tà á. Owó báàgì méjì yẹn ti dé ọwọ́ yín ní Oṣù Ọ̀wàrà, ẹ ti ná an. Nígbà tí oníbàárà wá gba owó rẹ̀ padà ní Bélú, inú owó Bélú nìkan ni wọ́n lè ti yọ ọ́. Nítorí náà, ẹ má fi iye ọjà tó padà nínú ìwé kan wé iye tí ẹ tà nínú ìwé yẹn kan náà, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan.

Mẹ́ta ní 13,500 jẹ́ 40,500. Wọ́n ti gba 1,620 owó alágbàtà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Wọ́n mú ìdá 20 nínú rẹ̀, ìyẹn 324, wọ́n dá 1,296 padà. Ọ̀nà mẹ́ta 1,296 ni 3,888 tí ẹ rí yẹn. (Amazon náà ń mú ìdá 20 nínú owó alágbàtà bí ọjà bá padà, àmọ́ tiwọn kì í ju dọ́là 5 lọ.) Owó iṣẹ́ ìgbowó kò padà rárá: ìdá 2 nínú 13,500 jẹ́ 270, pẹ̀lú 100, ó di 370. Onízẹ́mì kò sì ní dá 1,500 padà.

Onízẹ́mì Àjàṣẹ́

N kò ní dá a padà!

Akọ̀wé Ìṣirò

Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ rẹ lo ṣe. Ẹ wá rò ó pọ̀, Tàǹtí: 324, 370 àti 1,500. Báàgì tó padà láìya, láìdọ̀tí, tí ẹ tún lè tà lọ́la, ó ti ná yín ní 2,194. Ìyẹn kò hàn lójú kan nínú ìwé yìí. Nínú ìwé, 40,500 ló ń dẹ́rù bani, bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó oníbàárà ni ìyẹn, báàgì yín sì wà nílé.

Ó wá ku 27,000 owó ìdádúró. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ: 3,600, 7,400, 500, 36,612 tí ọjà tó padà gbé lọ lẹ́yìn tí wọ́n dá 3,888 padà, àti 27,000. Ó jẹ́ 75,112. Sẹ́fà kan kò sọnù.

Alábáàgì Àjàṣẹ́

Hà! Mo fi ẹ̀rọ ìṣirò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni.

Ọmọ Aláketu

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Ìdá 10 lórí ohun tó kù ni owó ìdádúró. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ 32,400 àti 7,400 kúrò nínú 270,000, ó ku 230,200. Ìdá 10 rẹ̀ jẹ́ 23,020. Kí ló dé tí wọ́n mú 27,000? Wọ́n ti fi 3,980 rẹ́ Tàǹtí jẹ.

Akọ̀wé Ìṣirò

Lórí ọjà tí ìwọ ń lò, ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tó ń ṣírò rẹ̀ lórí ohun tó kù. Ti Tàǹtí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà láti mọ̀ kò le: pín iye tí wọ́n dá dúró sí iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oníbàárà. 27,000 sí 270,000, ìdá 10 gééré. Bí ó bá jẹ́ orí ohun tó kù ni, iye tó máa jáde kò ní gún régé, á wà láàárín 8 àti 9.

Ibi tí n kò ti gbà fún ọ ni “owó yẹn ti lọ”. Owó alágbàtà ti lọ. Owó ìgbowó ti lọ. Owó ìdádúró ṣì jẹ́ ti Tàǹtí, ọjọ́ rẹ̀ ni kò tíì pé. Tàǹtí, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ *Solde de réserve* sí, ẹ sọ iye tó wà níbẹ̀ fún mi. Kí ẹ sì sọ iye báàgì tí ẹ tà nínú ìpín ọlọ́jọ́ 15 méjì àkọ́kọ́.

Alábáàgì Àjàṣẹ́

52,650. Mo ta 7 ní ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀wàrà, mo ta 12 ní ìparí rẹ̀.

Akọ̀wé Ìṣirò

Ó bára mu. Báàgì 7 mú 94,500 wá, wọ́n dá 9,450 dúró. 12 mú 162,000 wá, wọ́n dá 16,200 dúró. Fi 27,000 ti ìsinsìnyí kún un.

Ọjọ́ 60 ni àdéhùn wí. Ìpín tó parí ní ọjọ́ 15 Ọ̀wàrà, ọjọ́ 14 Oṣù Ọ̀pẹ ni 9,450 rẹ̀ á bọ́. 16,200 á bọ́ ní ọjọ́ 30 Ọ̀pẹ. 27,000 yìí di ọjọ́ 14 Oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí òdo níwájú *Réserve libérée*: ẹ kò tíì lo ọjọ́ 60 lórí ọjà yìí.

Bí ẹ bá ń ta báàgì 20 nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa dá 27,000 dúró nígbà mẹ́rin kí èyí àkọ́kọ́ tó bọ́. Owó yín tó máa wà lọ́dọ̀ wọn á di 108,000, á sì dúró síbẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, 27,000 á máa wọlé bí 27,000 mìíràn ṣe ń jáde, owó tí ẹ ń gbà kò ní dín nítorí ìdádúró mọ́. Àmọ́ 108,000 yẹn, ẹ kò ní rí i fi ra ańkárá títí tí ẹ fi máa ṣíwọ́ níbẹ̀. Ó dà bí àjọ tí ẹ dá tí kò kàn yín kó.

Oníkajú Ṣábẹ̀

Ẹ kú ìjókòó. Tiwa ní Ṣábẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Kajú yíyan ni mò ń tà sí àwọn ènìyàn wa ní Faransé, ọjà tí mò ń lò kò sì ní ìdá 10 kankan. Gbogbo owó ìtajà ni wọ́n ń dì mú títí ọjọ́ 7 á fi pé lẹ́yìn tí ẹrù bá ti dé ọwọ́ oníbàárà. Mo gbọ́ pé bí Amazon náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí ẹrù bá há sí pápákọ̀ òfuurufú ní ọ̀sẹ̀ méjì, owó mi náà há nìyẹn. Ṣé ohun kan náà ni?

Lẹ́ẹ̀kejì, yúrò ni wọ́n fi ń san tèmi. Oṣù tó kọjá, sẹ́fà 640 ni wọ́n fún mi lórí yúrò kan. Mo ní bóyá yúrò ti já wálẹ̀.

Akọ̀wé Ìṣirò

Yúrò kì í já wálẹ̀ sí sẹ́fà, ẹ̀gbọ́n wa. 655.957 ni, bẹ́ẹ̀ ló wà láti ìgbà tí yúrò ti dé. Bí ẹ bá gba 640, nǹkan bí 16 sẹ́fà lórí yúrò kọ̀ọ̀kan ti wọ àpò ẹni tó ṣẹ́ owó náà. Ó lé ní ìdá 2 nínú 100. Wọn kì í kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, inú iye tí wọ́n fi ṣẹ́ ẹ ni wọ́n ń fi pamọ́ sí. Ẹni tó bá ń gba náírà tàbí dọ́là kò lè tètè mọ̀, ṣùgbọ́n àwa tí a ní iye tí kì í yí, kíá la máa ń rí i.

Ti ọjọ́ 7, rárá, kì í ṣe ohun kan náà. Tiyín ń dúró de ẹrù. Ti Tàǹtí, bí báàgì dé bí kò dé, ọjọ́ 60 ni.

Alábáàgì Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Báàgì mẹ́ta tó padà yẹn, ṣé wọn kò ti dá 1,350 dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí mo tà á? Wọ́n ti wá gba 13,500 padà lódindi lọ́wọ́ mi. Kí ni wọ́n tún ń dá dúró lórí ìtajà tí kò sí mọ́? 4,050 nìyẹn.

Akọ̀wé Ìṣirò

Ẹ ti ń di akọ̀wé. Ìbéèrè gidi ni, ẹnu wa kì í sì í kò lórí rẹ̀ níbi iṣẹ́ mi àtijọ́. Àwọn kan máa ń tú ìdádúró báàgì yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá owó padà. Àwọn mìíràn kì í wo báàgì, ìpín ni wọ́n ń wò: ohun tí wọ́n dá dúró fún ìpín kan á pé ọjọ́ 60 pọ̀. Nínú èyí kejì, ẹ kò pàdánù nǹkan kan, àmọ́ wọ́n dì yín mú lẹ́ẹ̀mejì fún ìgbà díẹ̀. Àdéhùn tí ẹ kà fún wa kò sọ èyí tó jẹ́. Ẹ kọ̀wé bi wọ́n, kí ẹ sì dárúkọ nọ́ńbà ìtajà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọmọ Aláketu

Ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó rẹ́rìn-ín mi. Lọ́dún tó kọjá, aṣọ tí mo tà nínú Oṣù Ọ̀pẹ pọ̀, àwọn ènìyàn ń múra sílẹ̀ fún ọdún ìṣẹ̀ṣe inú Oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ọdún parí, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí padà: ó fún mi jù, kò bá mi mu. Nínú ìpín Ṣẹ́rẹ́, aṣọ tí mo tà kò ju 40,000 lọ, owó tí wọ́n dá padà jẹ́ 96,000. Ìwé wá fi hàn pé èmi ni mo jẹ wọ́n ní gbèsè! Inú owó ìdádúró ni wọ́n ti yọ gbèsè náà. Ìdí tí mo fi ní owó yẹn ti lọ nìyẹn. Lójú tèmi, ó lọ.

Akọ̀wé Ìṣirò

Ó yé mi wàyí. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a dúró gan-an ló ṣe. Aṣọ Ọ̀pẹ ló jẹ ẹ́, kì í ṣe ilé iṣẹ́. Bí kò bá sí ìdádúró, inú owó tí o máa gbà ní Èrèlè ni wọn ì bá ti yọ ọ́.

Ọmọ Aláketu

Ó dáa. Àmọ́ kí wọ́n sọ fúnni ṣáájú.

Alábáàgì Àjàṣẹ́ (ọjọ́ 18 Oṣù Ọ̀pẹ)

Mo padà dé o. Wọ́n dáhùn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án: ìpín ni wọ́n ń wò, 4,050 mi á bọ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. N kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti yé mi. Mo ti sọ owó ìgbélọ di 1,800 báyìí, onízẹ́mì ṣì ń gba 1,500 rẹ̀.

9,450 bọ́ lóòótọ́, mo rí i nínú ìwé ọjọ́ 15. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ti ń ṣọ́ *Solde de réserve* nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Báàgì 18 ni mo tà ní ìparí Bélú, kí n tó yí owó ìgbélọ padà: wọ́n dá 24,300 dúró. Báàgì 32 ni ti ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀pẹ, pẹ̀lú 1,500 àtijọ́ náà, torí ọjọ́ 16 ni mo yí i: 43,200. 52,650 tẹ́lẹ̀, fi 24,300 àti 43,200 lé e, yọ 9,450: ó yẹ kó jẹ́ 110,700. Áàpù ní 109,350.

Akọ̀wé Ìṣirò

1,350 ló yàtọ̀. Báàgì kan gẹ́lẹ́. Ṣé oníbàárà kan wà tó fagi lé ìtajà kí báàgì tó kúrò nílé? Wọ́n kì í sábà dá owó irú èyí dúró, ó sì lè wà nínú 32 tí ẹ kà.

Alábáàgì Àjàṣẹ́

Ọ̀kan wà, ará Pọ́bẹ̀ kan. Àmọ́ n kò kà á mọ́ 32 yẹn, mo fi bírò pupa fa ìlà sí i lórí. Mo ń lọ tú báàgì kọ̀ọ̀kan wò pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ ní alẹ́ òní.

Onízẹ́mì Àjàṣẹ́

Tàǹtí, báàgì Pọ́bẹ̀ yẹn, mo ti gbé e dé ìdí ọkọ̀ kí wọ́n tó pè mí padà o. Ẹ kò tíì san tibẹ̀.